Orúkọ kúkúrú fún kíláàn géèmù: bí ẹkùn ṣe di ẹkún

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan, nínú gbọ̀ngàn kékeré kan ní Àjàṣẹ́, mẹ́rin nínú àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa jókòó pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, wọ́n ń dúró kí wọ́n pe orúkọ kíláàn wọn. Free Fire ni wọ́n fẹ́ gbá. EKUN ni wọ́n kọ síwájú orúkọ wọn. Ẹkùn ni wọ́n ní lọ́kàn, ẹranko tó máa ń ba sínú igbó tó sì máa ń fò mọ́ ẹran lójijì. Ọmọkùnrin tó mú ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ wo ìwé tó wà níwájú rẹ̀, ó sì kígbe pé: “Ẹkún ló kàn!” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n sì fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kejì, àwọn alátakò fi àwòrán ojú tó ń da omi kún ẹgbẹ́ WhatsApp ìdíje náà títí ilẹ̀ fi mọ́.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, méjì nínú àwọn ọmọ kíláàn náà ti yọ EKUN kúrò níwájú orúkọ wọn. Ìgbà yẹn ni ọmọbìnrin tó ń darí wọn wá bá wa. Ó ní: “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kí la ṣe tí kò dáa? Ẹkùn kì í kúkú ṣe orúkọ burúkú.” Òótọ́ ló sọ, ẹkùn kì í ṣe orúkọ burúkú. Ṣùgbọ́n EKUN kì í ṣe ẹkùn. Èdè kíkọ ni iṣẹ́ àwa tí à ń kọ́ àwọn olùkọ́ lọ́la, nítorí náà a bá wọn jókòó sí i. Ohun tí a bá níbẹ̀ la fẹ́ sọ fún ẹ̀yin tí ẹ ní kíláàn, tàbí tí àwọn ọmọ yín ní.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Kíláàn ni ẹgbẹ́ àwọn tó jọ ń gbá géèmù kan náà. Táàgì ni orúkọ kúkúrú tí wọ́n ń kọ síwájú orúkọ oníkálukú, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé ilé kan náà ni wọ́n ti wá. Àṣà yìí ti pẹ́. Géèmù Quake jáde ní 1996, ó sì jẹ́ kí àwọn ènìyàn lè jà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó ń gbá a ló fi ọwọ́ ara wọn kọ àmì ẹgbẹ́ mọ́ orúkọ wọn. Ní 1997, àwọn ọmọ kan ní Oberhausen, ní Jámánì, dá Schroet Kommando sílẹ̀ láti gbá Quake. Ta ló fẹ́ máa kọ gbogbo ìyẹn? SK ni wọ́n ń kọ, SK Gaming sì ni ayé mọ̀ wọ́n sí títí di òní. Natus Vincere ti ilẹ̀ Yukiréènì náà rí bẹ́ẹ̀. Èdè Látìn ni, ìtumọ̀ rẹ̀ ni “ẹni tí a bí láti ṣẹ́gun”, ṣùgbọ́n NaVi ni gbogbo ènìyàn ń pè wọ́n. Ẹgbẹ́ Jámánì mìíràn wà tó ń jẹ́ mousesports. Àwọn olólùfẹ́ wọn ń pè wọ́n ní “mouz” fún ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tó sì di 2021, ẹgbẹ́ náà gbà, ó sọ ara rẹ̀ di MOUZ. Ẹ rí i pé ẹnu àwọn ènìyàn ló ń yan táàgì. Tí ẹ kò bá fún wọn ní èyí tó kúrú, wọ́n á gé e fúnra wọn, ibi tí wọ́n á sì ti gé e lè má tẹ́ yín lọ́rùn.

Àyè tún wà tí géèmù fúnra rẹ̀ ń fúnni. Nínú Call of Duty 4: Modern Warfare, tó jáde ní 2007, létà mẹ́rin péré ni táàgì lè ní. World of Tanks gba láti méjì dé márùn-ún. Àwọn géèmù mìíràn wà tó jẹ́ pé inú orúkọ ẹni gan-an la ti máa wá àyè fún un, ibẹ̀ ló sì ti ń ni àwọn ọmọ wa lára jù. Ká ní àyè létà 12 la ní. Tí táàgì bá jẹ́ mẹ́rin, tí a fi àmì kan là á, létà méje ló kù fún ẹni tó ni orúkọ. Tí wọ́n bá kọ JAGUNJAGUN síbẹ̀, mẹ́wàá ti lọ, àmì kan tún lọ, létà kan ṣoṣo ló kù. Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ á wá máa jẹ́ A, B àti C. Ẹ tún rántí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń yọ ní igun ojú fóònù láti sọ ẹni tó pa ẹni. Kì í pẹ́ tó fi ń lọ. Létà mẹ́ta sí márùn-ún ni ojú lè kó níbẹ̀ láìkàwé.

Ó dáa, EKUN jẹ́ létà mẹ́rin. Kí ló wá ṣe é?

Àmì ni kò sí lórí rẹ̀. Nínú ìwé wa, ẹkùn àti ẹkún jọ ní àmì lábẹ́ létà àkọ́kọ́, ohùn tó wà lórí létà kẹta ló yà wọ́n: ohùn ìsàlẹ̀ fún ẹranko, ohùn òkè fún omi ojú. Lórí géèmù, méjèèjì di EKUN. Ẹni tó bá mọ̀ yín á ka ẹkùn, ẹni tí kò fẹ́ràn yín á ka ẹkún, kò sì sí bí ẹ ṣe máa jà á, torí òun náà kò kàwé ṣì.

Ọmọkùnrin kan nínú wọn ní kí wọ́n kúkú fi àmì sí i. A ní kó gbìyànjú ẹ̀ ká wò ó. Ohun mẹ́ta ló dí i lọ́nà. Àkọ́kọ́, kì í ṣe gbogbo géèmù ló gba létà tó yàtọ̀ sí ti A dé Z. Òmíràn á kọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, òmíràn á gbà á tán, á wá fi àpótí òfìfo hàn dípò rẹ̀, nítorí kò ní àwòrán létà náà. Èkejì, ẹ̀rọ kì í ka létà bí ojú wa ṣe ń kà á. Nínú àkójọ létà tí kọ̀ǹpútà ń lò, tí wọ́n ń pè ní Unicode, ẹ jẹ́ létà kan. Ṣùgbọ́n tí ohùn bá gùn ún lórí, kò sí létà kan ṣoṣo tó kó àmì òkè àti ti ìsàlẹ̀ pọ̀. Ẹ̀rọ á kọ ẹ, á wá kọ ohùn lé e lọ́tọ̀, ó sì di méjì. Ẹ wo “ẹ̀rín”: létà mẹ́rin ni ojú yín rí, márùn-ún ni ẹ̀rọ kà. Tí àyè bá jẹ́ mẹ́rin, kò wọlé nìyẹn. Bákan náà ló rí fún àwa tí à ń kọ Yorùbá pẹ̀lú ɛ àti ɔ ní Bẹ̀nẹ̀. Tí ohùn bá ti gun ɛ, méjì ni.

Ẹ̀kẹta ló burú jù lójú tiwa. Ẹni tó fẹ́ darapọ̀ mọ́ yín gbọ́dọ̀ lè tẹ orúkọ yín síbi ìwákiri. Ẹni tó ń lo fóònù tí wọ́n tò létà rẹ̀ fún Faransé á rí é, è àti ê, kò ní rí ẹ. Àwọn létà olódòdó tí àwọn ọmọdé máa ń dà kọ láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì náà ní àrùn yìí: wọ́n rẹwà lójú, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè tẹ̀ wọ́n. Nítorí náà, ẹ wá ọ̀rọ̀ tí kò nílò àmì kó tó jẹ́ ara rẹ̀, ẹ jẹ́ kí àmì sinmi.

A kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n dábàá sára pátákó ní létà ńlá, láìsí àmì kankan, a sì ní kí wọ́n ka gbogbo ìtumọ̀ tí ó lè ní. Ibẹ̀ dùn púpọ̀. Wọ́n ní AGBON, nítorí agbọ́n máa ń ta ènìyàn lọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n AGBON lè jẹ́ agbọ̀n tí a fi ń ru ẹrù lọ sọ́jà, ó lè jẹ́ àgbọn tí à ń fọ́ jẹ, ó sì lè jẹ́ àgbọ̀n tó wà lábẹ́ ẹnu ẹni. Mẹ́ta nínú mẹ́rin kò ja ogun rí. Wọ́n ní ERIN fún erin ńlá, ó di ẹ̀rín. Wọ́n ní ESU nítorí eṣú tó ń bo oko lójú ẹsẹ̀, àwa la kọ̀ ọ́, torí ẹ mọ ẹni tí gbogbo ènìyàn á kà síbẹ̀. Wọ́n ní WARA, láti inú wàràwàrà. Ọ̀rọ̀ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé, àfi ìgbà tí ẹnì kan rántí pé wàrà ni wọ́n ń pè ní wàgàṣì lọ́jà. Wọ́n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ata dín wọn.

Àwa tí à ń gbé láàárín èdè púpọ̀ tún ní ẹrù kan tí àwọn ará Èkó kò ní: Faransé ń kà wá. TETE tí wọ́n fẹ́ fi sọ “tètè” di orí lẹ́nu Faransé, ó sì tún di ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ lẹ́nu ìyá ẹnì kan. KIA di ọkọ̀. Tí ẹ bá fẹ́ fi létà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ gígùn ṣe táàgì, ẹ kọ ọ́ jáde ní àkókò, kí ẹ tó pín in fún ẹnikẹ́ni. Ká ní àwọn ọmọ Ouando fẹ́ máa jẹ́ Champions d'Ouando-Nord. Orúkọ dáa, àdúgbò dáa, ṣùgbọ́n CON ni wọ́n á gbé kọ́rùn, èébú gidi ni, a ò ní láti túmọ̀ rẹ̀ fún ẹni tó bá ti lọ ilé-ẹ̀kọ́ Faransé.

Orúkọ ìlú náà ní tirẹ̀. Kétu là ń kọ, Kétou ni ìjọba ń kọ. Ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu lásán kò mọ èyí tó máa tẹ̀, ìdajì àwọn tó ń wá yín á sì sọnù sọ́nà. Ṣábẹ̀ẹ́ tiẹ̀ burú jù ú lọ: Savè ni lórí máàpù, tí wọ́n bá sì yọ àmì rẹ̀, ó di SAVE. Àwọn tó ń gbá Counter-Strike mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ìgbà tí ìjà kan bá ti bọ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́, tí wọ́n ń sá pamọ́ kí ìbọn wọn má bàa bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ni wọ́n ń pè ní “save”. Kíláàn tó bá kọ ọ́ síwájú orúkọ rẹ̀ ti sọ fún ayé pé òun á sá.

Ìyẹn ló gbé wa dé ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń gbá. A bi wọ́n léèrè pé kí ló dé tí wọ́n fi yan ẹkùn. Wọ́n ní torí pé ó lágbára. Kíláàn wo ni kò ní sọ bẹ́ẹ̀? Ẹkùn kì í kàn lágbára lásán, ó máa ń dá rìn, ó máa ń lúgọ, ó máa ń ní sùúrù. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbá? Dípò kí wọ́n máa jiyàn, a ní kí wọ́n gba ìjà mẹ́wàá tó tẹ̀ léra sórí fóònù, kí wọ́n sì kọ ohun mẹ́ta sílẹ̀ nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan: ta ló kọ́kọ́ yìnbọn, àwa tàbí àwọn? Báwo ni àwa mẹ́rin ṣe jìnnà síra nígbà yẹn? Ìbọn wo la fi pa ẹni àkọ́kọ́, ti ọ̀nà jíjìn tàbí ti ìtòsí?

Nígbà tí wọ́n padà dé, ìwé wọn sọ òtítọ́ tó yà wọ́n lẹ́nu. Nínú ìjà méje, àwọn ló kọ́kọ́ kọlu alátakò. Nínú mẹ́jọ, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló jọ wọ ilé kan náà. Ìbọn ọ̀nà jíjìn kò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Wọn kì í lúgọ rárá. Ìpadàbọ̀ lójijì àti ìrọ́lù lọ́pọ̀ ni iṣẹ́ wọn. Tí ẹnì kan bá ṣubú, àwọn mẹ́ta yòókù á tún rọ́ wọlé. Ẹkùn kò bá wọn mu, kódà tí gbogbo àmì rẹ̀ bá pé.

Àwọn mìíràn á béèrè pé ṣé dandan ni kí orúkọ bá ìṣeré mu. A ò ní pè é ní dandan. Ṣùgbọ́n alátakò máa ń kọ́kọ́ rí orúkọ yín kó tó rí yín, ọmọ tuntun tó fẹ́ wọlé náà sì máa ń fi í mọ irú ibi tó ń wọ̀. Kìkì pé kí ẹ má so ó mọ́ ohun èlò kan ṣoṣo. FaZe tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí bẹ̀rẹ̀ ní 2010 pẹ̀lú orúkọ FaZe Sniping, torí pé fídíò ìbọn ọ̀nà jíjìn nínú Call of Duty ni wọ́n ń ṣe. Nígbà tí iṣẹ́ wọn gbòòrò, wọ́n já Sniping sílẹ̀, wọ́n di FaZe Clan. Táàgì wọn kò yí padà, nítorí kò sí ìbọn nínú létà mẹ́rin yẹn. Ìwà ni kí ẹ fi sọ orúkọ. Ẹ fi ohun ìjà sílẹ̀.

Ọmọbìnrin tó ń darí wọn ló mú OYIN wá. Àwọn ọkùnrin kọ́kọ́ fi ṣẹ̀sín, wọ́n ní adùn ni, wọ́n ní ó jọ orúkọ ìyàwó. Ó bi wọ́n pé ta nínú wọn ni oyin ti lé rí. Ẹnì kan na ọwọ́ sókè. Ó ní: “Ṣé ọ̀kan ló lé ẹ?” Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

A gbé e lórí ìwọ̀n. Létà mẹ́rin ni. Kò ní àmì ìsàlẹ̀ kankan, oyin tó ń ta àti oyin tí à ń lá kò sì nílò àmì ohùn, torí náà bí ìwé bá ti kọ ọ́ ni géèmù á ṣe kọ ọ́. Tí ẹnì kan bá tilẹ̀ fẹ́ ṣi í kà, “ó yìn” ló máa rí, ìyìn kò sì bu ẹnikẹ́ni kù. Ẹni tó ń ka Faransé á fa ìparí rẹ̀ sí imú díẹ̀, á fẹ́rẹ̀ẹ́ dún bí “oyẹn”, ṣùgbọ́n a ṣì mọ ẹni tó ń pè.

Lẹ́yìn náà la ṣe àpèkọ, ohun tí a mọ̀ ọ́n ṣe jù. Wọ́n pe ènìyàn márùn-ún lórí fóònù: ọmọ Kétu kan, ọmọ Àjàṣẹ́ méjì tí ọ̀kan nínú wọn ń sọ Gùn, ọmọ Fọ̀n kan ní Bohicon, àti ọ̀rẹ́ kan ní Lomé tí kò gbọ́ Yorùbá rárá. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n pe orúkọ náà, wọ́n ní kí oníkálukú tẹ ohun tó gbọ́ ránṣẹ́. Mẹ́rin kọ OYIN. Ará Lomé kọ OYINE, àṣìṣe tó ṣeé fara dà. Kí a lè mọ ìyàtọ̀, a ṣe EKUN náà fún àwọn márùn-ún kan náà: EKUN, EKUN, EKOUN, EKOUN, ECOUN. Nígbà tí àpèkọ bá mú ọ̀nà mẹ́ta wá fún ọ̀rọ̀ létà mẹ́rin, ẹ wá òmíràn. Ìró “u” wa ni Faransé ń kọ ní “ou”, ibẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù lára ìdàrúdàpọ̀ náà ti wá.

OYIN kò jẹ́ aláìlábùkù o. Létà O jọ òdo, I ńlá sì jọ l kékeré. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe bí ẹni pé ọmọ yín lòun lè kọ ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí:

```
OYIN.Ade
0YIN.Ade
OYlN.Ade
```

Ìlà àkọ́kọ́ nìkan ló jẹ́ tòótọ́. Èkejì fi òdo bẹ̀rẹ̀, ẹ̀kẹta fi l kékeré sáàárín. Wọ́n jiyàn lórí èyí fún ìgbà pípẹ́. Èrò tiwa ni pé kì í ṣe ìdí tó tó láti kọ orúkọ dáadáa sílẹ̀, ṣùgbọ́n kíláàn tó bá ń gba owó ìdíje tàbí tó ń yá ara wọn ní nǹkan gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Olùgbá kọ̀ọ̀kan nínú Free Fire ló ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ni wọ́n kọ sínú ìwé, òun ni wọ́n sì ń yẹ̀ wò kí wọ́n tó gba ẹnikẹ́ni wọlé, orúkọ tó wù kó gbé wá.

Ohun tó kù kò pọ̀. Iwájú ni wọ́n fi táàgì sí, nítorí ibi tí àyè bá ti fún, ìparí orúkọ ni géèmù máa ń gé. Ojúàmì kan ni wọ́n fi là á, torí gbogbo fóònù ló ní in. Wọ́n tẹ OYIN síbi ìwákiri kíláàn láti rí i bóyá ẹlòmíràn ti ń lò ó, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́ sórí YouTube àti TikTok. Fídíò oníṣòwò oyin àti orúkọ àwọn ènìyàn ló pọ̀ níbẹ̀, kò sí ẹgbẹ́ géèmù tó ń figagbága nítòsí wa. Wọ́n lo orúkọ náà fún ọ̀sẹ̀ méjì lórí WhatsApp nìkan kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan orúkọ rẹ̀ nínú géèmù, nítorí pé àtiyí orúkọ padà níbẹ̀ ń ná ènìyàn ní dáyámọ́ǹdì tàbí káàdì pàtàkì, owó sì ni dáyámọ́ǹdì. Àwọn tó ti yọ EKUN tẹ́lẹ̀ ló yí tiwọn kẹ́yìn. Wọ́n fẹ́ rí i ná.

Nígbà ìdíje tó tẹ̀ lé e, ọmọkùnrin oní-gbohùngbohùn yẹn náà ló tún pè wọ́n. Ó pè é dáadáa. Wọ́n dé ìpele kejì kí wọ́n tó já wọn. Ohun kan ṣoṣo tí alátakò rí kọ sórí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ náà ni ìbéèrè ọmọ Bohicon kan tó fẹ́ mọ iye tí wọ́n ń ta ìgò kan.